Bí Wọ́n Bá Ń Rẹ́ Yín Jẹ nínú Kọ́ńpìnnì Ìdílé: Ìgbésẹ̀ fún Oníṣíà Kékeré ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀nà méjì ni àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ nínú kọ́ńpìnnì ìdílé fi máa ń pàdánù ẹjọ́ tó yẹ kí wọ́n jàre. Àkọ́kọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí, wọ́n á sanwó lọ́yà, ọjọ́ á máa gorí ọjọ́, adájọ́ á wá sọ pé òun kò ní àṣẹ láti gbọ́ ọ. Èkejì, wọ́n á dé kóòtù tó tọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹbí ni wọ́n á rò níbẹ̀: ẹ̀gbọ́n ò ka ìyá wa sí, ìyàwó rẹ̀ ń yájú sí wa. Adájọ́ á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò ní rí ohun kan tí òfin lè dì mú.

Òfin tó lè gbà yín wà ní abala 353 títí dé 355 nínú òfin CAMA ti ọdún 2020, òfin tó ń darí kọ́ńpìnnì ní Nàìjíríà. Ó ní bí wọ́n bá ń darí kọ́ńpìnnì lọ́nà tó lòdì sófin, tàbí tó jẹ́ ìnilára, tàbí tó ń pa oníṣíà kan lára láìtọ́, tàbí tí wọ́n ń yà á sọ́tọ̀ láti fìyà jẹ ẹ́, tàbí tí wọn ò ka ire rẹ̀ sí rárá, ó lè gbé pẹtíṣàn lọ sí kóòtù. Ìwà kan ṣoṣo pàápàá tó, títí kan èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hù.

Àpẹẹrẹ kan la ó máa tẹ̀ lé títí dé òpin. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Iléṣà, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì. Ṣíà rẹ̀ jẹ́ 1,000,000, náírà kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá ní 600,000, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ní 200,000, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kejì ní 200,000. Bàbá kú. Ẹ̀gbọ́n ń bá iṣẹ́ lọ, ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe dárẹ́kítọ̀ kejì. Láti ìgbà náà àbúrò kò rí èrè kankan gbà, wọn ò pè é sí ìpàdé, ilé búrẹ́dì náà sì ń ra fúláwà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì mìíràn tó jẹ́ ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n. Àbúrò yìí ni ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé ẹ̀rí ṣíà yín. Bí ó bá ti sọnù, ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, tí orúkọ yín wà nínú rẹ̀.
- Ìwé òfin inú kọ́ńpìnnì náà, èyí tí ó sọ bí wọ́n ṣe ń pe ìpàdé, bí wọ́n ṣe ń ta ṣíà, àti bóyá wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé aáwọ̀ lọ sọ́dọ̀ onílàjà.
- Ẹ̀dà àbájáde ìwádìí láti ọ̀dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí.
- Ìwé ìṣirò owó kọ́ńpìnnì fún ọdún tí ẹ bá rí gbà, àti ìwé báńkì bí ẹ bá ní in lọ́wọ́.
- Gbogbo lẹ́tà, ìfiránṣẹ́ orí fóònù àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí tó mẹ́nu ba iṣẹ́ náà.
- Ìwé àṣẹ àbójútó ogún, bí ṣíà olóògbé bá wà nínú ọ̀ràn náà.

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rí gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́ńpìnnì gan-an ló ní láti mú àwọn tó kù wá, bí wọ́n bá sì kọ̀, ìkọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ á wọ inú ẹjọ́.

1. Ẹ fi hàn pé oníṣíà ni yín, kì í ṣe ọmọ olóògbé nìkan

Ibí ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tí òfin gbà láyè láti mú pẹtíṣàn yìí wá ni oníṣíà, dárẹ́kítọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ àgbà (títí kan ẹni tó ti wà nípò náà rí), ẹni tí kọ́ńpìnnì jẹ ní gbèsè, CAC fúnra rẹ̀, àti ẹni mìíràn tí kóòtù bá rí i pé ó yẹ. Òfin ka aṣojú òkú mọ́ oníṣíà, àti ẹni tí ṣíà bọ́ sí lọ́wọ́ nípasẹ̀ òfin.

Àbúrò inú àpẹẹrẹ wa ní ṣíà 200,000 lórúkọ ara rẹ̀, kò níṣòro. Ọ̀ràn wà lórí 600,000 ti bàbá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, bí òkú bá ti wọlẹ̀, wọ́n á ṣèpàdé, wọ́n á pín ogún ní ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo ènìyàn á fọwọ́ sí i. Ní ìdí-igi, ìyàwó méjì já sí 300,000 fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Bí ìdí kejì bá ní ọmọ mẹ́rin, 75,000 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ní orí-ò-jorí, bí gbogbo ọmọ bá jẹ́ mẹ́fà, 100,000 ló kan kálukú. Àṣà nìyẹn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìpàdé ẹbí kò yí orúkọ padà nínú rẹ́jísítà kọ́ńpìnnì. Títí tí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ yóò fi fún àwọn kan ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, kò sẹ́ni tó lè fi 600,000 yẹn dìbò. Ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú kò lè fi dìbò, bó ti wù kó jẹ́ dáwódù tó. Bó bá ti ń fi wọ́n dìbò láìsí ìwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹjọ́ yín ni.

*Ẹ ṣọ́ra:* Àwọn mìíràn máa ń kọ ọ́ sínú pẹtíṣàn pé àwọn ní ṣíà 275,000, nítorí pé wọ́n ti ro ìpín ogún wọn mọ́ tara wọn. Lọ́yà ẹ̀gbọ́n á kàn béèrè rẹ́jísítà, irọ́ á sì wọ inú ìwé tí ẹ fi búra. Ẹ fi 200,000 pe ẹjọ́. Kí ẹ gba ìwé àbójútó ogún lọ́tọ̀, kí àwọn tó bá gbà á wá dara pọ̀ nígbà náà.

*Ó ti yọrí bí:* ẹ bá lè fi ìwé kan ṣoṣo tí kì í ṣe ìwé ẹbí fi hàn pé iye ṣíà báyìí wà lórúkọ yín.

2. Ẹ lọ wo ohun tó wà lọ́dọ̀ CAC

Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tàbí aṣojú tí CAC fọwọ́ sí béèrè ìwádìí lórí kọ́ńpìnnì náà, kí ó sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ sí. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò: àwọn wo ni dárẹ́kítọ̀, iye ṣíà tó wà báyìí, àti ọjọ́ tí wọ́n yí nǹkan kan padà.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ìwádìí fi hàn pé oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ikú bàbá ni wọ́n dá ṣíà tuntun 1,000,000, ẹ̀gbọ́n ló sì kó gbogbo rẹ̀. Ṣíà ti di 2,000,000 lápapọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀ ti di onídàá 60. Àbúrò tó ní ìdá 20 ti di onídàá 10. Ogún bàbá tó jẹ́ ìdá 60 ti di ìdá 30. Ẹnikẹ́ni ò gba ṣíà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ wọ́n ti fa ilẹ̀ yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wọn.

Abala 142 òfin náà ní kí kọ́ńpìnnì aládàáni kọ́kọ́ fi ṣíà tuntun lọ àwọn oníṣíà tó wà nílẹ̀, kí kálukú ra ní ìbámu pẹ̀lú ohun tó ní. Ó yẹ kí wọ́n fi 200,000 lọ àbúrò, 600,000 lọ ogún bàbá, kí 200,000 péré sì kan ẹ̀gbọ́n. Èyí ni òkúta ìpìlẹ̀ ẹjọ́ yìí, nítorí pé òǹkà ni, kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tó hùwà dáadáa sí ẹbí.

*Ẹ ṣọ́ra:* Bí ẹ bá rí àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ní ẹ wà níbẹ̀, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò sí níbẹ̀, ọkàn yín á gbóná, ẹ̀ẹ́ fẹ́ kọ ọ́ pé wọ́n ṣe ayédèrú ìfọwọ́síwèé yín. Ẹ rò ó dáadáa. Ẹ̀sùn ọ̀daràn nínú ẹjọ́ owó tàbí ti kọ́ńpìnnì, àfi kí ẹ fi ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì gbè é lẹ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ̀rí ti 2011 ṣe sọ. Ó sàn kí ẹ kọ ọ́ pé wọn ò fún yín ní ìwé ìpè, wọn ò fi ṣíà lọ̀ yín, ẹ ò sì sí níbẹ̀. Àwọn ló kù kó mú ìwé ìpè jáde.

*Ó ti yọrí bí:* ẹ bá lè kọ tábìlì kékeré kan, orúkọ oníṣíà lápá òsì, iye ṣíà ṣáájú ikú bàbá láàárín, iye ti òní lápá ọ̀tún, tí òǹkà méjèèjì sì bá ìwé CAC mu.

3. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀dùn ọkàn kúrò lára ẹ̀sùn

Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ gbogbo ohun tó ń dùn yín sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìbéèrè kan yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: ṣé gẹ́gẹ́ bí oníṣíà ló fi pa mí lára, ṣé ó sì jẹ́ àìtọ́?

Pé wọn ò pín èrè fúnra rẹ̀ kò tó. Dárẹ́kítọ̀ ló ń dábàá èrè, ìpàdé gbogboogbò kò sì lè fi kún iye tí wọ́n dábàá. Kọ́ńpìnnì tó ń ra ààrò tuntun lè má pín èrè lọ́dún mẹ́ta, kó má sì sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó rẹ̀ bá jókòó gẹ́gẹ́ bí dárẹ́kítọ̀ méjèèjì, tí wọ́n sọ owó oṣù ara wọn di ìlọ́po mẹ́ta, tí wọ́n wá sọ pé kò sí èrè, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: èrè wà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà jáde. Nínú ẹjọ́ Ebrahimi tó wáyé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn lọ́yà wa ṣì ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Àwọn oníṣòwò kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n, gbogbo èrè ni wọ́n ń san bí owó dárẹ́kítọ̀. Bàbá àti ọmọ wá yọ ẹnì kẹta nípò dárẹ́kítọ̀, kò rí kọ́bọ̀ mọ́. Kóòtù sọ pé irú kọ́ńpìnnì tí a gbé ka ìgbẹ́kẹ̀lé lórí, ẹ̀tọ́ inú rẹ̀ ju ohun tí a kọ sínú ìwé lọ. Ilé búrẹ́dì bàbá yín jọ ọ́.

Pé wọn ò pe ìpàdé ọdọọdún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ lọ́yà ṣì ń fi èyí ṣe ẹ̀sùn àkọ́kọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Abala 237 yọ kọ́ńpìnnì kékeré sílẹ̀ nínú ìpàdé ọdọọdún. Kọ́ńpìnnì kékeré ni aládàáni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦120 mílíọ̀nù, tí ohun-ìní rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò ju ₦60 mílíọ̀nù, tí kò ní àjèjì tàbí ìjọba nínú, tí àwọn dárẹ́kítọ̀ rẹ̀ sì ní ó kéré tán ìdá 51 nínú ṣíà. Ilé búrẹ́dì wa lè bọ́ sí abẹ́ èyí. Ẹ kíyè sí i pé ṣíà tuntun tí ẹ̀gbọ́n kó ló sọ dárẹ́kítọ̀ di onídàá 60. Láìsí i, ìdá 20 péré ni dárẹ́kítọ̀ ní, a jẹ́ pé ìpàdé pọn dandan. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìpàdé ṣe ẹ̀sùn, òun ni ẹ máa tọ́ka sí.

Ní ti fúláwà tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì ìyàwó ẹ̀gbọ́n, kọ́ńpìnnì ni wọ́n jà lólè, kì í ṣe yín tààrà. Ìlànà àtijọ́ tó wà ní abala 341 sọ pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló lẹ́jọ́, nítorí náà kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀ ló yẹ kó pe ẹjọ́. Ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín. Bí ẹ bá so ó mọ́ ìrẹ́jẹ, pé ibẹ̀ ni èrè tó yẹ kó kàn yín ń gbà lọ, ó wọ inú pẹtíṣàn. Abala 355 sì fún kóòtù lágbára láti jẹ́ kí ẹ pe ẹjọ́ náà lórúkọ kọ́ńpìnnì.

Ohun tí ẹ máa gé kúrò: èébú, ìjà ìyàwó, owó ìsìnkú, ẹni tó ń gbé ilé bàbá, àti ìpinnu iṣẹ́ tí ẹ kàn lérò pé kò mọ́gbọ́n dání. Ẹ̀gbọ́n tó ra mọ́tò tó bàjẹ́ ṣe àṣìṣe ni, kò ni yín lára.

*Ó ti yọrí bí:* ẹ̀sùn yín kò bá ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́, iye, àti ìwé tó gbè é lẹ́sẹ̀.

4. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì fún wọn ní àyè láti dáhùn

Kò sí Ìjẹ̀ṣà tí kò mọ ìtàn Òṣómàáló, àwọn tó ń lóṣòó ti onígbèsè títí owó fi jáde. Lẹ́tà yìí ni ìlóṣòó tiyín. Ẹ kọ ọ́ sí kọ́ńpìnnì àti sí dárẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kì í ṣe ilé ẹ̀gbọ́n. Kí ẹni tó bá gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà yín, kó kọ ọjọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ fi kọ́ríà tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí rán an.

Ẹ béèrè ohun mẹ́rin: láti wo rẹ́jísítà oníṣíà, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìpàdé gbogboogbò, ìwé ìṣirò owó, àti àlàyé lórí ṣíà tuntun yẹn. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mọ́kànlélógún.

Bí ẹ bá ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣíà tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, ẹ tún lè fi ìwé kan náà béèrè pé kí wọ́n pe ìpàdé àkànṣe, lábẹ́ abala 239. Ẹ kọ ohun tí ìpàdé náà wà fún sínú ìwé. Bí dárẹ́kítọ̀ ò bá gbé ìgbésẹ̀ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, ẹ̀yin fúnra yín lè pè é, kí ó tó pé oṣù mẹ́ta. Àbúrò inú àpẹẹrẹ wa wà lórí ìdá 10 gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá tún dá ṣíà kan ṣoṣo sí i, ẹ̀tọ́ yìí ti bọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ jẹ́ kí ó pẹ́.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ẹbí lè pe ìpàdé láti parí rẹ̀. Ẹ lọ, nítorí ẹjọ́ tí a parí nílé ń dá owó sí. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìgbéṣíàfúnni kankan níbẹ̀, àní bí àgbàlagbà bá ní «ẹ sáà fọwọ́ sí i, a máa tò ó tó bá yá.» Èyí tí ẹ bá fọwọ́ sí lónìí, òun ni lọ́yà wọn á fi hàn ní kóòtù pé ẹ kì í ṣe oníṣíà mọ́.

Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú. Bí ẹ̀gbọ́n bá dáhùn, tó sì ní òun ṣe tán láti ra ṣíà yín ní iye tí olùdíyelé olómìnira bá sọ, ẹ má fi ìbínú dà á nù. Ẹjọ́ O'Neill àti Phillips, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1999, sọ ọ́ gbangba: ẹni tí wọ́n ti fún ní ìpèsè tó bójú mu, tó sì kọ̀ ọ́, ó ṣòro kó tún sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ìpèsè tó bójú mu ni èyí tó fi olùdíyelé tí kì í ṣe ènìyàn ẹnikẹ́ni ṣáájú, tó jẹ́ kí ẹ̀yin náà rí ìwé owó, tí kò sì gé iye yín kù nítorí pé ṣíà yín kéré.

*Ó ti yọrí bí:* ẹ bá ní ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí tàbí ìwé kọ́ríà, tí ọjọ́ tí ẹ dá sì ti kọjá.

5. Ẹ gbé pẹtíṣàn lọ sí Òṣogbo

Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló lè gbọ́ ọ. Abala 251 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló fún un nìkan láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ òfin CAMA. Fún kọ́ńpìnnì tó wà ní Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka tó wà ní Òṣogbo ni ẹ máa lọ. Ọ̀rọ̀ ìwé àbójútó ogún àti ti ẹni tó ni ilé bàbá, ti ìpínlẹ̀ nìyẹn. Ẹ má dì wọ́n pọ̀ mọ́ pẹtíṣàn.

Ẹni tí ẹ máa pè lẹ́jọ́: ẹ̀gbọ́n, ìyàwó rẹ̀, kọ́ńpìnnì tí wọ́n ń ra fúláwà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ilé búrẹ́dì náà fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yìí. Bí kọ́ńpìnnì ò bá sí nínú ẹjọ́, àṣẹ tí kóòtù bá pa lórí rẹ́jísítà rẹ̀ kò ní lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pe CAC mọ́ wọn kí ó lè ṣàtúnṣe àkọsílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀, kí ọgbọ̀n ọjọ́ sì kọjá. Abala 17 òfin CAMA ni.

Nínú pẹtíṣàn, ẹ kọ bí wọ́n ṣe dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ẹni tó ní iye ṣíà báyìí, ohun tí gbogbo yín jọ gbà nígbà tí bàbá wà láyé, lẹ́yìn náà kí ẹ to ẹ̀sùn yín ní ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ ó fi ìwé ìbúra gbè é lẹ́sẹ̀. Ìfiránṣẹ́ orí fóònù àti ìwé báńkì tí ẹ tẹ̀ jáde láti orí kọ̀ǹpútà, àfi kí ẹ so ìwé ẹ̀rí abala 84 òfin ẹ̀rí mọ́ ọn, níbi tí ẹni tó ní ẹ̀rọ náà ti sọ bó ṣe ń lò ó àti pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Láìsí ìwé yìí, wọ́n lè da gbogbo rẹ̀ nù.

Ní ọjọ́ kan náà, ẹ tọrọ àṣẹ ìdádúró: kí wọ́n má dá ṣíà mìíràn, kí wọ́n má ta ilẹ̀ tàbí ààrò, kí wọ́n má sì fi owó kọ́ńpìnnì san lọ́yà ẹ̀gbọ́n. Ẹ ó ṣèlérí pé bó bá yọrí sí pé kò yẹ kí ẹ gba àṣẹ náà, ẹ máa san àdánù tó bá fà. Ẹ má tọrọ pé kí wọ́n ti ilé búrẹ́dì pa. Kóòtù kì í fẹ́, ẹ̀yin náà ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iye ṣíà yín wà nínú búrẹ́dì tó ń jáde lárọ̀ọ̀rọ̀.

*Ó ti yọrí bí:* ẹ bá ní nọ́ńbà ẹjọ́, tí wọ́n sì ti fún gbogbo àwọn tí ẹ pè ní ìwé ìpẹ̀jọ́.

6. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń tọrọ, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀

Agbára tí abala 355 fún kóòtù gbòòrò. Ó lè pàṣẹ bí wọn ó ṣe máa darí kọ́ńpìnnì lọ́jọ́ iwájú, ó lè ní kí oníṣíà mìíràn tàbí kọ́ńpìnnì ra ṣíà yín, ó lè fagi lé àdéhùn tí kọ́ńpìnnì ṣe, ó lè ní kí CAC ṣèwádìí, ó lè yan olùṣàkóso, ó sì lè tú kọ́ńpìnnì ká. Títúká ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ tọrọ nítorí ìbínú. Ààrò búrẹ́dì tí wọ́n tà ní gbàǹjo kì í pa ìdajì iye rẹ̀. Ẹ fi títúká sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bí àyọrísí tó kẹ́yìn.

Fún àbúrò wa, ohun mẹ́ta ló yẹ kó tọrọ, ní títẹ̀léra: kí wọ́n fagi lé ṣíà 1,000,000 yẹn (bí ẹ̀gbọ́n bá ti san ₦1 mílíọ̀nù fún un, wọ́n á dá a padà), kí wọ́n dá owó fúláwà tó lé padà sápò kọ́ńpìnnì, lẹ́yìn náà kí ẹ̀gbọ́n ra ṣíà rẹ̀.

Wo bí títẹ̀léra yìí ṣe ṣe pàtàkì tó. Ká sọ pé akántáńtì ka gbogbo ohun-ìní, ó yọ gbèsè, ó sì rí ₦40 mílíọ̀nù. Ká sọ pé ìwé ìrajà fi hàn pé ₦10 mílíọ̀nù ni wọ́n fi lé iye fúláwà lórí ju ti ọjà lọ. Bí ẹ bá kàn tọrọ pé «kí wọ́n ra ṣíà mi», ẹ̀gbọ́n á ní ìdá 10 nínú ₦40 mílíọ̀nù, ìyẹn ₦4 mílíọ̀nù. Olùdíyelé rẹ̀ á tún ní ṣíà kékeré kò lágbára, kí wọ́n gé ìdá 40 kúrò, ó ku ₦2.4 mílíọ̀nù. Bí ẹ bá tọrọ rẹ̀ bí a ṣe tò ó lókè, kọ́ńpìnnì di ₦50 mílíọ̀nù, ó ku ₦49 mílíọ̀nù nígbà tí wọ́n bá dá ₦1 mílíọ̀nù ṣíà tuntun padà fún ẹ̀gbọ́n, ìdá yín padà di 20, kò sì sí gígé: ₦9.8 mílíọ̀nù. Kọ́ńpìnnì kan náà ni, ṣíà 200,000 kan náà ni.

Gígé yẹn ni kí ẹ bá jà jù. Nínú kọ́ńpìnnì tó dà bí àjọṣe ẹbí, tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fẹ́ jáde bí kò ṣe pé wọ́n lé yín jáde, àwọn kóòtù Gẹ̀ẹ́sì ti gbà láti àwọn ọdún 1980 sí 1989 pé kí wọ́n díyelé ṣíà náà ní ìdá tó jẹ́ nínú gbogbo rẹ̀, láìgé nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ sínú pẹtíṣàn pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ ẹ, má ṣe jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi díyelé e pẹ̀lú. Bí iṣẹ́ bá ń lọ sílẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ tọrọ ọjọ́ tí ẹ gbé pẹtíṣàn wá.

*Ó ti yọrí bí:* akántáńtì tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú yín bá lè ka ohun tí ẹ tọrọ, kó sì rí iye kan ṣoṣo níbẹ̀, láìbi yín léèrè.

7. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sanwó

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ báyìí máa ń parí ní àdéhùn kó tó dé ìdájọ́. Kí ẹ jẹ́ kí kóòtù sọ àdéhùn náà di ìdájọ́, kí ó má jẹ́ ìwé láàárín yín lásán. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa san án, ẹ kọ ọjọ́ àti iye fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo tó kù sì di sísan lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá kùnà ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ wá ìwé báńkì àtijọ́ wò. Bí bàbá bá ti ní kí gbogbo ọmọ fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún owó tí kọ́ńpìnnì yá, orúkọ yín ṣì wà níbẹ̀ bí ẹ bá tilẹ̀ ta ṣíà yín. Kí báńkì kọ̀wé tú yín sílẹ̀, kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí àdéhùn náà dúró lé. Ìpín yín nínú 600,000 ti bàbá kò sí nínú títà yìí. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé ṣíà 200,000 nìkan lẹ ń tà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ẹ ti gba gbogbo tiyín tán.

*Ó ti yọrí bí:* owó bá ti wọ àkáǹtì yín, tí lẹ́tà báńkì sì wà lọ́wọ́ yín. Nígbà náà ni kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìgbéṣíàfúnni. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san án, kí fọ́ọ̀mù náà wà lọ́wọ́ lọ́yà yín, kí orúkọ yín sì dúró sínú rẹ́jísítà títí kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn yóò fi wọlé.